Orúkọ pé, ọdún kò pé: kí ló dé tí àtẹ àwọn Aláàfin kò fi bára mu?

Ọmọ Òkè-Fìà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń ya àtẹ àwọn Aláàfin sára ògiri yàrá ìtàn ilé-ìwé kan níbí ní Òṣogbo. Àtẹ kan tí mo rí kọ Abíọ́dún sí 1775 títí dé 1805. Òmíràn kọ ọ́ sí 1770 títí dé 1789. Orúkọ àwọn ọba kò yàtọ̀, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn kò yàtọ̀, ọdún nìkan ló ń jà. Èwo ni kí n kọ, kí ló sì dé tí ìtàn ẹnu àti àkọsílẹ̀ kò fi lè fẹnu kò?

---

Bàbá Ìwé

Kọ 1789 sí ikú rẹ̀. Ọdún tó gorí ìtẹ́, fi "nǹkan bí" síwájú rẹ̀.

Àwọn Òyìnbó tó ń ra ẹrú ní Wídà létí òkun kì í fi ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ ṣeré. Ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ni Dàhómì ń bẹ̀rù, Dàhómì ló sì ń darí ọjà tí àwọn Òyìnbó náà ń ná. Bí nǹkan bá bàjẹ́ ní ààfin Ọ̀yọ́, ìròyìn rẹ̀ á dé etíkun láìpẹ́, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Ibẹ̀ la ti rí ikú ọba Ọ̀yọ́ ní 1789. Archibald Dalzel, tó ti ṣe olórí ilé-odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Wídà rí, tẹ ìwé jáde lórí Dàhómì ní 1793. Ó mẹ́nu ba ìjà kan ní Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí 1774, láàrin ọba àti olórí ìjòyè kan tó pè ní "Ochenoo". Ka ọ̀rọ̀ yẹn sókè bí ará Ọ̀yọ́ ṣe máa kà á, wàá gbọ́ Ọ̀ṣọ̀run. Baṣọ̀run Gáà nìyẹn, ọba tó sì ṣẹ́gun Gáà ni Abíọ́dún.

1775 sí 1805 ńkọ́? Ìpín ni. Samuel Johnson, tó kọ ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń kà, kò fi ọdún sí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọba wọ̀nyẹn. Orúkọ, ìtò àti ohun tí kálukú ṣe nígbà ayé rẹ̀ ló kọ sílẹ̀. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló jókòó tí wọ́n pín ọdún fún orúkọ, bí ẹni ń pín ẹran iléyá.

---

Àyàn Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i o. Ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé tòyìnbó ni òótọ́, tiwa ni àlọ́. Oṣù kìn-ín-ní 1826 ni Clapperton, arìnrìn-àjò Òyìnbó, tó dé Ọ̀yọ́-Ilé. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa ààfin ṣáájú ìgbà náà, àgbọ́sọ ni. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu alárinà ní Wídà ló kọ ọ́.

Arọ́kin tó ń ka ìtàn ọba ní ààfin kò gbọ́ ọ lẹ́nu alárinà. Iṣẹ́ ìdílé ni, ní ojú ọba ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí arọ́kin bá fo orúkọ kan, ilé tí orúkọ náà ti wá ló máa kọ́kọ́ bá a jà. Ṣé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ ní kò mọ ọdún? Ọdún wà lórí wọn, ẹ kàn bi wọ́n léèrè.

---

Bàbá Ìwé

Ìdajì ọ̀rọ̀ yín ni mo gbà, mo sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Orúkọ àti ìtò, arọ́kin ni mo máa tẹ̀lé. Ìdí tí ẹ sọ gan-an náà ni: ilé kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ orúkọ tirẹ̀. Orúkọ ló ń fún ọmọ ọba lẹ́tọ̀ọ́ láti du oyè lọ́la. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ bàjẹ́ bí wọ́n bá ní bàbá ńlá rẹ̀ lo ọdún mọ́kànlá dípò mẹ́rìnlá? Kò sí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́, kò ní pẹ́ sọnù. Nítorí náà ni orúkọ fi le koko, tí ọdún sì ń yọ̀.

Ẹ wo Lábísí. Nínú Johnson, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló lò lẹ́nu ètò oyè, Gáà kò sì jẹ́ kó wọ ààfin rárá. Ẹni tó tẹ̀lé e, Awónbíojú, lo 130 ọjọ́. Nínú àtẹ orúkọ, ìlà kan ni Lábísí gbà, ìlà kan ni Awónbíojú gbà, ìlà kan náà sì ni Abíọ́dún gbà. Bí ẹ bá pín ọdún fún ìlà, ẹ ti sọ ọjọ́ mẹ́tàdínlógún di ogún ọdún.

Ti àgbọ́sọ náà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbọ́sọ tó ní ọdún lórí ni. Ẹ tún wo ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i. Clapperton jókòó níwájú Aláàfin, ó sì pè é ní "Mansolah". Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lander, arìnrìn-àjò bíi tirẹ̀, dé ibẹ̀ ní 1830, orúkọ kan náà ni wọ́n kọ. Ẹ wá orúkọ yẹn nínú àtẹ yín, ẹ kò ní rí i. Májòtú ni a fi í pè lónìí, torí pé òun ni àkókò náà bá mu. Ẹni tó dé ààfin mọ ọjọ́, kò mọ orúkọ. Arọ́kin mọ orúkọ, kò mọ ọjọ́. Àtẹ tó dára ni èyí tó fẹ́ àwọn méjèèjì fún ara wọn, tó sì sọ ibi tí ìgbéyàwó náà kò ti dájú.

---

Ìyá Alájàpá

Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún wo? Ìtàdógún nìyẹn kẹ̀! Gbogbo ọlọ́jà ló mọ̀ ọ́n. Ọjà ọrún la máa ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ ka ọjọ́ tó wà láàrin ọjà kan àti èkejì: mẹ́rin ni. A ń ka òní mọ́ ọn ni ó fi di márùn-ún. Ìtàdógún náà, a ń pè é ní mẹ́tàdínlógún, mẹ́rìndínlógún ni ní ìṣirò Òyìnbó. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àti àjọ, ìtàdógún ni wọ́n fi ń pàdé.

Èmi ò mọ ìwé o, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọba kan lo ìtàdógún, ó lè jẹ́ ohun tó ń sọ ni pé ọba náà kò ju ìpàdé ẹgbẹ́ kan lọ. Kò ka ọjọ́.

---

Bàbá Ìwé

Ìyá Alájàpá, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ yín yẹ kó wà lókè àtẹ ọmọ yìí.

Kíkà mọ́ra yẹn kò mọ sí ọjọ́. Bí ọba bá gorí ìtẹ́ ní òpin ọdún kan, tó sì wàjà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹjọ, ẹnu wa á sọ ọdún mẹ́jọ, torí ọdún tó bọ́ sí àti ọdún tó jáde ni a kà pọ̀. Ní oṣù, ó lè má ju ọdún mẹ́fà àti díẹ̀ lọ. Ọba méje ní irú àṣìṣe yìí kan, ẹ ti fi nǹkan bí ọdún méje lé e láìsí ẹni tó purọ́.

Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà tún wà. Ọjọ́ tí ti àná wàjà ni? Ọjọ́ tí tuntun wọ ìpèbí ni? Àbí ọjọ́ tó dé adé? Johnson kọ ọ́ pé ìdádé sábà máa ń bọ́ sí òpin oṣù kẹta lẹ́yìn ikú ọba. Ẹni tó kọ̀wé láti Wídà yóò kọ ọjọ́ ikú, torí òun ni ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ará ilé lè máa ka adé.

---

Oníyèméjì

Mo ní ìbéèrè kan fún Bàbá Ìwé, kí wọ́n má bínú. Mo ní àtẹ àwọn ọba Dàhómì lọ́wọ́. Tegbesu kú ní 1774. Kpengla ló tẹ̀lé e, òun náà kú ní 1789. Ẹ ní Abíọ́dún ṣẹ́gun Gáà ní 1774, ó sì kú ní 1789. Ṣé ẹ kò rí i pé ọdún kan náà ni? Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan gbé ọdún ọba Dàhómì wọ Aláàfin lọ́rùn. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ọdún tí ẹ fi ṣe èèkàn ti fà tu.

---

Bàbá Ìwé

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ènìyàn máa béèrè nìyẹn. Tí ọdún méjì bá bára mu jù, fura.

Mo gbà fún ọ lórí 1774 dé ìwọ̀n kan. Ìtàn àwọn ọba Dàhómì ni Dalzel ń tò, ibi tí Kpengla ti gorí ìtẹ́ ló sì ti sọ ọ̀rọ̀ Ochenoo. Nítorí náà ọdún yẹn lè rọ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ "nǹkan bí" nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lè jẹ́ ti Dàhómì. Olórí ìjòyè tó ń fi ọba jẹ tó sì ń yọ ọba, títí ọba kan fi kó ogun bá a tó sì pa á, kò sí irú rẹ̀ nínú ìtàn ìgbà Tegbesu sí Kpengla. Ti Ọ̀yọ́ ni, oyè ẹni náà sì wà níbẹ̀.

1789 ní tirẹ̀, ìròyìn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ikú ọba Dàhómì àti ikú ọba Ọ̀yọ́. Àwọn tó kọ ọ́ wà ní Wídà, ní abẹ́ Dàhómì gan-an. Wọn ò lè ṣi ikú ọba tí wọ́n ń gbé lábẹ́ rẹ̀ mú fún ti ọba ibòmíràn.

Ohun tí ò bá tún lè gbá mú, tó sì lágbára ju ìyẹn lọ, ni pé wọn kò kọ "Abíọ́dún". Oyè ni Òyìnbó ń kọ, wọn kì í kọ orúkọ. Àwa la ní Abíọ́dún ni. A gbé e ka orí ìtàn Gáà nìkan.

---

Oníyèméjì

Ó dáa, ẹ ti fún mi ní ọ̀bẹ fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí n fi gé e.

Johnson ní Awólẹ̀ tó tẹ̀lé Abíọ́dún lo nǹkan bí ọdún méje. Adébọ̀ àti Makú kò pẹ́ rárá. Lẹ́yìn wọn, ìtẹ́ ṣófo fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, Baṣọ̀run Asamú ló ń dì í mú. Lẹ́yìn náà ni Májòtú.

Ẹ ṣírò rẹ̀ láti 1789. Méje lé e, 1796. Ẹ fún Adébọ̀ àti Makú ní ọdún kan, 1797. Márùn-ún lé e, 1802. Májòtú ṣì wà lórí ìtẹ́ nígbà tí àwọn Lander dé ní 1830. Ó di ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ó kéré tán, fún ọba tí wọ́n ní agbára rẹ̀ ti tán, tí Àrẹ̀mọ Adéwùsì ń fi ìlú ṣe bó ṣe wù ú.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀ láti 1805. Méje, 1812. Ọ̀kan, 1813. Márùn-ún, 1818. Nígbà tí Clapperton dé, Májòtú ti lo ọdún mẹ́jọ. Ó bọ́ sí i bí ìbọ̀sẹ̀. Ìdí tí àwọn àgbà fi kọ 1805 nìyẹn, wọn kì í ṣe òmùgọ̀.

---

Bàbá Ìwé

Wọn kì í ṣe òmùgọ̀ lóòótọ́. Ìṣirò tìẹ náà sì dára. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ṣe: o fi ọdún tí ẹnu sọ, méje àti márùn-ún, ti ọdún tí a kọ sílẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. "Nǹkan bí ọdún méje" kò ní agbára bẹ́ẹ̀. Bí àlàfo bá wà láàrin 1789 àti 1826, inú àlàfo ni kí a ti wá àṣìṣe. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Májòtú pẹ́ lórí ìtẹ́ lóòótọ́: Àrẹ̀mọ tó ti dàgbà tó láti da ìlú rú kì í ṣe ọmọ ọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ. Tàbí kí ìtẹ́ ti ṣófo ju ọdún márùn-ún lọ: ọdún tí kò sí ọba kò ní orúkọ tí wọn yóò máa kì, ìyẹn ló sì máa ń kéré jù lẹ́nu. Tàbí kí orúkọ kan ti bọ́.

Èmi ń tẹ̀ sí èkejì, n kò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún tí a bá yàn kan ìjà Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó di Ìlọrin mú. Bí Awólẹ̀ bá kú ní nǹkan bí 1796, ọ̀tẹ̀ Ìlọrin ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀rúndún náà tó parí. Bó bá jẹ́ 1812, ó ti di ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ogun Ṣéhù Usman dan Fodio, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1804, ti gba ilẹ̀ Haúsá. Ìtàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: nínú ọ̀kan, Ọ̀yọ́ fọ́ láti inú wá, nínú èkejì, ìjì òkè ọya ló wó o.

---

Àyàn Àgbà

Orúkọ kan bọ́ kẹ̀! Ẹ mú un jáde. Arọ́kin kì í jẹ́ kí orúkọ bọ́. Dàhómì tí ẹ fẹ́ràn yìí ńkọ́, ṣé wọ́n ní arọ́kin bí tiwa?

---

Oníyèméjì

Bàbá, Dàhómì gan-an ló da ọ̀rọ̀ yín nù. Adandozan jọba níbẹ̀ láti 1797 títí dé 1818, ogún ọdún ó lé. Òyìnbó bá a sọ̀rọ̀, wọ́n bá a ṣòwò, wọ́n kọ lẹ́tà sí i. Gezo yọ ọ́ lórí oyè, ààfin sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìtò àwọn ọba. Ẹ gbọ́ ìtò àwọn ọba lẹ́nu ará ààfin, láti ọ̀dọ̀ Agonglo ẹ ó fò sí Gezo. Ká ní Òyìnbó kò kọ nǹkan sílẹ̀ ni, tani ì bá mọ̀ pé ó wà rí?

---

Bàbá Ìwé

Àpẹẹrẹ rere nìyẹn. Àyàn Àgbà, òótọ́ tiyín kò tíì kú síbẹ̀: orúkọ kì í *bọ́*, wọ́n máa ń *yọ* ọ́ ni. Ilé tí kò lágbára mọ́ kò ní agbẹnusọ. Mo tún fẹ́ kìlọ̀ nípa òdìkejì rẹ̀, kí orúkọ kan di méjì. Awólẹ̀ náà ni Arógangan. Awónbíojú náà ni Odùbọ́yè. Ẹni tó bá rí Arógangan nínú àtẹ kan, tó rí Awólẹ̀ nínú òmíràn, tó sì fẹ́ "pé" àtẹ rẹ̀, ti bí ọba tí ìyá kan kò bí.

---

Ọmọ Baálẹ̀

Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ ìdílé ọlọ́mọba yìí. Ní ìletò wa, tí kò jìnnà sí Òṣogbo, baálẹ̀ mẹ́sàn-án ló ti jẹ, ilé méjì ló ń jẹ ẹ́. Ilé kejì ti jẹ lẹ́ẹ̀márùn-ún, àwa lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ṣé àwa kọ́ ló kàn báyìí? A sì lè fi hàn pé ìletò náà ti wà ṣáájú ogun Òṣogbo, torí baálẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú ẹni tó wà lórí oyè, ogún ọdún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 160 ọdún. Ẹni tó wà níbẹ̀ jẹ ní 1998. Ó mú wa dé 1838.

---

Ọmọ Òkè-Fìà

Ẹ̀gbọ́n, a kò sọ̀rọ̀ ta ló kàn o. Ọdún la ń wá.

---

Bàbá Ìwé

Fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúlò fún wa. Ọmọ Baálẹ̀, sọ bí àwọn mẹ́sàn-án náà ṣe tan mọ́ra.

---

Ọmọ Baálẹ̀

Mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ̀kẹrin dé ẹ̀kẹfà, ọmọ wọn. Ìkeje àti ìkẹjọ, ọmọ ọmọ. Ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí ni ìran kẹrin.

---

Bàbá Ìwé

Ìran mẹ́rin. Láti ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ jẹ títí dé ìgbà tí ẹni kẹsàn-án jẹ, ìran mẹ́ta ló kọjá. Ìran kan kì í jìnnà sí ọgbọ̀n ọdún. Mẹ́ta lọ́nà ọgbọ̀n, àádọ́rùn-ún. Yọ ọ́ kúrò nínú 1998, ó di 1908. Bí o bá fún ìran ní ọdún díẹ̀ sí i tàbí dín díẹ̀ kù, fi ọdún mẹ́wàá síbí sọ́hùn-ún. Kò lè dé 1838. Ohun tó ṣe ọ́ ni pé o fún àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta ní ọgọ́ta ọdún, bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ gbó kí wọ́n tó bí àbúrò.

Ìbéèrè kan kù tí ìwọ nìkan lè dáhùn. Nígbà tí wọ́n ní "ọmọ ìyá" àti "ọmọ", ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́? Lẹ́nu wa, ọmọ Lágbájá lè jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ìyá sì lè jẹ́ ọmọ agbo ilé kan náà. Bí ọ̀kan nínú àwọn "ọmọ" yẹn bá jẹ́ ọmọ ọmọ, o ti rí ọgbọ̀n ọdún he. Tún wo ibi tí àtẹ náà ti wá. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ fún ìkéde oyè lẹ́yìn Òfin Oyè ti 1957, ilé méjèèjì ti jókòó lé e lórí kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Àwọn orúkọ tó ń lọ láti ilé kan sí èkejì láìyẹsẹ̀ máa ń jẹ́ àdéhùn, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìtàn.

---

Ọmọ Baálẹ̀

Bàbá mi kò ní gbà 1908 láéláé. Màá béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá yẹn sá.

---

Ọmọ Òkè-Fìà

Ẹ dá mi padà sí Ọ̀yọ́. Àtẹ tó kọ 1805 yẹn náà ló kọ Ọjígí sí 1698 títí dé 1732. Ṣé kí n ju gbogbo rẹ̀ nù?

---

Bàbá Ìwé

Má ju 1732 nù tìbínú-tìbínú, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà. Ìtàn ẹnu ní Ọjígí ló kó ogun lọ bá Dàhómì. Àkọsílẹ̀ etíkun ní Ọ̀yọ́ kọ lu Dàhómì ní 1726, wọ́n tún padà lọ láàrin 1728 sí 1730, kí àdéhùn tó wáyé ní 1730. Agaja ọba Dàhómì kò sì tíì ṣẹ́gun Àlàdá títí di 1724, kò tíì gba Wídà títí di 1727, nítorí náà Dàhómì tó yẹ kí Ọ̀yọ́ bẹ̀rù kò tíì sí ṣáájú ìgbà náà. Èèkàn kejì nìyẹn: Ọjígí wà lórí ìtẹ́ ní nǹkan bí 1726 sí 1730.

1698 ni mo fura sí. Ọdún yẹn ni Bosman, ará Họ́lándì, kọ pé àwọn ẹlẹ́ṣin láti òkè wá pa Àlàdá run. Ọ̀yọ́ ni gbogbo ènìyàn gbà pé ó jẹ́. Kò dárúkọ ọba kankan. Ó jọ lójú mi pé ẹnì kan rí ogun Ọ̀yọ́ ní 1698, ó sì wá ọba ogun tó sún mọ́ ọn jù, ó bá ti ìbẹ̀rẹ̀ Ọjígí síbẹ̀.

Wàyí o, ṣe ìdánwò kan kí o fi mọ bí ìpín ṣe ń tanni. Láàrin Ọjígí àti Abíọ́dún, ọba méje ló wà: Gbẹ̀rú, Amúníwàyé, Oníṣílé, Lábísí, Awónbíojú, Agbólúajé, Májẹ̀ógbé. Ẹni tó bá fún ọba kọ̀ọ̀kan ní ogún ọdún, 140 ni. Yọ ọ́ kúrò nínú 1770, òpin Ọjígí á di 1630. Ọgọ́rùn-ún ọdún ló fi ṣáájú ogun tí òun fúnra rẹ̀ jà! Àwọn méjèèje pín nǹkan bí ogójì ọdún láàrin ara wọn, kò pé ọdún mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdí sì wà nínú ìtàn ẹnu gan-an: Ọ̀yọ́ Mèsì ń kọ ọba, Gáà ń pa wọ́n. Kò yẹ kí wọ́n pẹ́.

Ṣáájú Ọjígí, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti Ajagbó wá, Johnson sábà fi ọmọ tẹ̀lé bàbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọmọ Jáyìn ni Ayíbí. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́fà ìgbà Gáà ka àwọn yẹn yóò gé wọn kúrú jù, ẹni tó bá fi ọgbọ̀n ọdún ìran kà wọ́n náà lè nà wọ́n jù, torí "ọmọ" yẹn tún ti dé. Mo kì í fi ọdún sí wọn rárá. Ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni mo máa ń kọ, mo sì dúró síbẹ̀. Olúàṣọ, tí wọ́n so ọdún 320 mọ́ orúkọ rẹ̀, kò tilẹ̀ yẹ kí o fi ọdún kankan bà á. Ọdún 320 yẹn ń sọ fún ọ pé ohun tó wà níbẹ̀ ju ọba kan lọ, tàbí pé kò sí ẹni tó rántí mọ́.

---

Àyàn Àgbà

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti gbà pé ìtàn ẹnu ló sọ fún yín pé wọn kò pẹ́.

---

Bàbá Ìwé

Mo gbà, Àyàn. Mo ti gbà á láti àárọ̀.

---

Oníyèméjì

Kí a má gbàgbé pé Johnson fúnra rẹ̀ kì í ṣe arọ́kin tààrà. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Òyìnbó láti tẹ̀, ó sọnù. Ó kú ní 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, 1921 ni a tó rí i. Láti ìgbà náà, ìwé yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ìlú fi ń tún ìtàn ẹnu tiwọn ṣe. Bí ẹ bá gbọ́ àtẹ kan lẹ́nu àgbà lónìí tó bá Johnson mu láìyẹ̀, ẹ béèrè bóyá ẹlẹ́rìí méjì ni tàbí ẹyọ kan tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

---

Ìyá Alájàpá

Ogun Òṣogbo ńkọ́? Ọmọ tó ń ya àtẹ ní Òṣogbo kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. 1840 ni wọ́n kọ́ wa.

---

Bàbá Ìwé

"Nǹkan bí 1840" ni kó kọ, Ìyá. Àwọn kan ń kọ 1838. Ogun tí Balógun Odérìnlọ́ kó wá láti Ìbàdàn láti lé Ìlọrin padà, kò sí ẹni tó ń kọ lẹ́tà nílẹ̀ yìí nígbà náà. Nínú àwọn míṣọ́nárì, Townsend kò tíì dé Abẹ́òkúta àfi 1843, Hinderer kò dé Ìbàdàn àfi 1851. Àwọn tó jà á ló sọ ọ́ fún àwọn tó kọ ọ́, ó sì sún mọ́ wọn, nítorí náà àṣìṣe rẹ̀ kò lè ju ọdún díẹ̀ lọ. Abẹ́ Àtìbà ni kó wà, ẹni tí ikú rẹ̀ ní 1859 ní àkọsílẹ̀ tó dúró.

---

Ọmọ Òkè-Fìà

Mo ti tún un yà. Ẹ bá mi wò ó:

Ọjígí: ó wà lórí ìtẹ́ ní nǹkan bí 1726–1730.
Gbẹ̀rú dé Májẹ̀ógbé: ọba méje, nǹkan bí ogójì ọdún, n kò pín in.
Abíọ́dún: ó ṣẹ́gun Gáà ní nǹkan bí 1774, ó wàjà ní 1789.
Awólẹ̀ (Arógangan), Adébọ̀, Makú: lẹ́yìn 1789.
Májòtú: ó wà lórí ìtẹ́ ní 1826 àti 1830.
Àmọ̀dó, Olúewu.
Àtìbà: ó wàjà ní 1859. Ogun Òṣogbo, nǹkan bí 1840.

Pupa ni mo fi kọ èyí tó wá láti inú ìwé, dúdú ni mo fi kọ ti ẹnu.

---

Bàbá Ìwé

Ó dára. Ohun méjì. Orúkọ Abíọ́dún gbọ́dọ̀ dúdú, 1789 ló pupa, torí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Májòtú. Ìkejì, o ti gbé Makú sún mọ́ Májòtú jù. Fi àlàfo sí àárín wọn, kí o má kọ nǹkan kan síbẹ̀.

---

Oníyèméjì

Kí àlàfo náà fẹ̀ dáadáa o. N kò tíì gbà pé márùn-ún ni.